Ewé Inú Ọ̀rá Kì Í Ṣe Igbó: Ohun Tí Iṣẹ́ Yìí Ti Kọ́ Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nípa ọ̀rá kékeré aláràbarà tí wọ́n ń tà bí àdàlù ewé, èyí tí àwọn kan ń pè ní Spáìsì tàbí K2, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kó gbàgbé ewé tó ń wò yẹn ná. Ewé ọ̀hún kò dá nǹkan kan ṣe. Ewékéwèé ni, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n sì rún un. Ìyẹ̀fun kan tí wọ́n pò nílé iṣẹ́ kẹ́míkà ló ń gun orí ènìyàn. Wọ́n ti yọ́ ọ sínú asitóònù, omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, wọ́n wá fín in sórí ewé náà. Asitóònù á fẹ́ lọ, ìyẹ̀fun á kù lórí ewé, ojú ò sì ní rí i mọ́. Wọ́n á kọ ọ́ sára ọ̀rá pé kì í ṣe ohun jíjẹ tàbí mímu, kí òfin má baà tètè mú wọn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń rà á ló mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọ̀rọ̀ náà ò ju pé igbó kan le, òmíràn rọ̀. Ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, torí ẹni tí èyí bá yé yóò mọ ìdí tí ìrírí ọdún mẹ́wàá nídìí igbó kò fi lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ọ̀rá yìí.

Ọdún 1964 ni Ráfáẹ́lì Mẹkuláàmù àti Yẹ̀kíẹ́lì Gaónì yọ ohun tó ń pani bí ọtí nínú igbó sọ́tọ̀, tí wọ́n sì fi bí ó ṣe rí han ayé. Ohun náà ni THC. Nínú ọpọlọ wa, àwọn ibi kan wà tí THC máa ń lọ dì mọ́, CB1 ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ ká fi wé ilẹ̀kùn. Bí THC bá dé ilẹ̀kùn yìí, kì í ṣí i tán. Á ṣí i dé ìdajì, kò sì sí bí THC ṣe lè pọ̀ tó tí yóò fi ṣí ilẹ̀kùn kan náà kọjá ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá mu igbó àmujù fi sábà máa ń wárìrì, tí àyà á máa já a, tí á máa bì, tí ojú á máa pòòyì í, tí á sì sùn lọ níkẹyìn. Ìyà ni, ó sì lè ju ìyẹn lọ fún ọmọdé, fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí ẹni tí àrùn ọpọlọ wà nínú ẹbí rẹ̀. N kò ní sọ pé igbó kò lè ṣeni ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n ìdajì ilẹ̀kùn yẹn wà níbẹ̀ bí ìdènà.

Kẹ́míkà inú ọ̀rá kò ní ìdènà yẹn. Púpọ̀ nínú wọn máa ń ṣí ilẹ̀kùn CB1 gbayawu, bí wọ́n bá sì ti dì mọ́ ọn, wọn kì í tètè tú. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò tó orí abẹ́rẹ́ lè ṣe ohun tí odindi ìdì igbó kò lè ṣe. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí bẹ́ẹ̀ káàkiri ọpọlọ, nǹkan tí a máa ń rí yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tó mu igbó àmujù: gìrì, ọkàn tó ń sáré kọjá ààlà tàbí tó wá rọra kọjá bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, ara tó gbóná janjan, ẹni tó dákú tí kò dáhùn sí ọwọ́ tàbí ohùn, ẹni tó ń bá ohun tí kò sí níbẹ̀ jà. Kíndìnrín pàápàá wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2012, ènìyàn 16 ni kíndìnrín wọn kọṣẹ́ lójijì ní ìpínlẹ̀ 6 ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí wọ́n mu irú ọ̀rá báyìí. Inú rírun àti èébì ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ bá wá, ohun tí èèyàn lè pè ní inú dídàrú lásán.

Ẹ má rò pé ẹnì kan jókòó ṣe àwọn kẹ́míkà yìí fún mímu láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jọ́ọ̀nù Họ́fúmáànù ní yunifásítì Kílẹ́mísìn ní Amẹ́ríkà ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn kí àwọn olùwádìí lè rí ohun èlò tí wọ́n á fi mọ bí CB1 ṣe ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ló wà nínú JWH-018. Wọn ò dán an wò lára ènìyàn láti mọ ìwọ̀n tí ara lè gbà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, àwọn ilé àyẹ̀wò ní Jámánì rí JWH-018 nínú ọ̀rá Spáìsì. Látìgbà náà ni àwọn tó ń pò ó ti ń ṣí ìwé ìwádìí àtijọ́ àti ìwé ẹ̀tọ́ àwọn ilé iṣẹ́ oògùn, tí wọ́n ń wo èyí tó lágbára jù, tí wọ́n sì ń pò ó tà. Agbára nìkan ni wọ́n ń wá, nítorí bí kẹ́míkà bá ṣe lágbára tó ni gíráàmù kan rẹ̀ á ṣe tó fún ọ̀rá tó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brúkílìnì, ní ìlú Niú Yọ́ọ̀kì, ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2016, ni mo máa ń lò láti fi hàn bí ìṣirò náà ṣe rí. Ènìyàn 33 ló mu ohun kan náà ládùúgbò kan náà. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ọ̀ọ́kán láìṣẹ́jú, wọ́n ń kérora, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ ń tán lọ. Wọ́n gbé 18 lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀rá tí wọ́n mu ni wọ́n kọ "AK-47 24 Karat Gold" sí lára. Nígbà tí ilé àyẹ̀wò kan ní San Fransísíkò wo ewé náà, AMB-FUBINACA ni wọ́n bá nínú rẹ̀, nǹkan bí 16 mílígíráàmù nínú gíráàmù kan. Nínú ìdíwọ̀n tí wọ́n ṣe nílé àyẹ̀wò, kẹ́míkà yìí lágbára tó ìlọ́po 85 THC, ó sì tó ìlọ́po 50 JWH-018 tí ayé ti ń sá fún tẹ́lẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan wé ìdajì gíráàmù. Mílígíráàmù 8 AMB-FUBINACA ló wà nínú rẹ̀. Tí a bá sọ 8 di ìlọ́po 85, ó jẹ́ 680, ìyẹn ni pé ohun tó wé yẹn dà bí 680 mílígíráàmù THC. Ní ti igbó gidi, ká mú èyí tó lágbára dáadáa, tí THC jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ìdajì gíráàmù rẹ̀ ní 75 mílígíráàmù. Ẹni tó wé ewé ọ̀rá yẹn ti kó ìdì igbó mẹ́sàn-án sínú bébà kan láìmọ̀. Lóòótọ́, iná máa ń jó apá kan nínú méjèèjì dànù, ìlọ́po 85 tí ilé àyẹ̀wò sì rí kò fi dandan jẹ́ 85 gan-an nínú ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. THC 680 mílígíráàmù pàápàá kò lè ṣí i kọjá ìdajì, èyí ń ṣí i tán. Ìṣirò náà tilẹ̀ fojú kéré rẹ̀ ni.

Ìyẹn ni tí a bá gbà pé kẹ́míkà náà tàn kárí ewé dọ́gba. Kì í tàn kárí, ibí yìí sì ni mo rò pé ewu tó burú jù wà. Ẹni tó bá ti ra ọ̀rá kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí nǹkan kan ò ṣe é, á gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pò ó. Wọ́n á da ewé sínú agbada ńlá tàbí sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré, wọ́n á fín omi kẹ́míkà sí i, wọ́n á máa yí i. Ewé tí omi kọ́kọ́ kàn á mu ún yó, èyí tó wà nísàlẹ̀ á wà ní gbígbẹ. Igi ewé kì í mu omi bí abala ewé rẹ̀ ṣe ń mu ún. Bí asitóònù ṣe ń fẹ́ lọ, kẹ́míkà á máa dì sí ibi tí omi dúró sí pẹ́ jù, á di ìdì kékeré tí ojú lásán kò lè rí. Nígbà tí wọ́n bá kó o sínú ọ̀rá tán, tí ọ̀rá ń jìgìjìgì nínú ọkọ̀, ìyẹ̀fun tí kò lẹ̀ mọ́ ewé dáadáa á bọ́, á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó mu èyí tó wà lókè ọ̀rá lánàá, tó wá mu èyí tó wà nísàlẹ̀ lónìí, kì í ṣe ohun kan náà ló mu.

Ó tún lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ìdì kan ṣoṣo. Ènìyàn méjì jọ ń mu ún, ẹni àkọ́kọ́ fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò rí nǹkan kan, ó ní ayédèrú ni. Ó gbé e fún ẹnì kejì, iná dé ibi tí kẹ́míkà dì sí, ẹnì kejì ṣubú kó tó fa èkejì tán. Àwọn tó wà níbẹ̀ á ní ara rẹ̀ ló rọ̀, tàbí pé kò jẹun. Ara rẹ̀ kọ́. Ibi tí iná dé ni. Nítorí náà ìmọ̀ràn "fà á díẹ̀ kó o dúró wò ó" tó máa ń wúlò fún igbó kò dáàbò bo ẹni tó ń mu èyí, torí fífà àkọ́kọ́ kò sọ nǹkan kan fún ọ nípa fífà kẹta.

Láàárín ọdún 2017, AMB-FUBINACA kan náà pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Niu Sílándì, wọ́n sì bá ìwọ̀n tó ju ti Brúkílìnì lọ ní ìlọ́po púpọ̀ nínú àwọn ewé tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ kẹ́míkà kò yí padà, ọwọ́ ẹni tó pò ó ló yàtọ̀.

Nígbà míì kẹ́míkà náà gan-an ni wọ́n ń pààrọ̀. Bí ìjọba kan bá fòfin de ọ̀kan, wọ́n á yí apá kan rẹ̀ padà díẹ̀, á di ohun mìíràn lójú òfin, wọ́n á sì tún kó o sínú ọ̀rá kan náà, pẹ̀lú àwòrán àti orúkọ kan náà. Ó ti ju oríṣi 250 lọ tí àwọn tó ń ṣọ́ oògùn olóró ní Yúróòpù ti kọ sílẹ̀. Nítorí náà orúkọ tó wà lára ọ̀rá kò jẹ́ ẹ̀rí nípa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní "irú tí mo máa ń mu ni" ń sọ̀rọ̀ nípa bébà àti ọ̀dà.

Ohun kẹta tó lè wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tó fara jọ igbó rárá. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 2018, ní ìpínlẹ̀ Ilinọ́ì ní Amẹ́ríkà, ó ju 150 ènìyàn lọ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára wọn lẹ́yìn tí wọ́n mu ewé ọ̀rá. Ẹ̀jẹ̀ ń ti imú wá, ó ń ti eyín wá, ó wà nínú ìtọ̀. Ó kéré tán, mẹ́rin kú. Brodifakúmù ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ìyẹn oògùn eku tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ohun tó burú nípa rẹ̀ ni pé kò ṣeni lọ́jọ́ tí a mu ún. Ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan kí nǹkan tí ara fi ń mú ẹ̀jẹ̀ dì tó tán, nígbà yẹn ẹni náà ti gbàgbé ọ̀rá. Ó tún máa ń pẹ́ nínú ara fún ọ̀sẹ̀ àti oṣù, nítorí náà wọ́n ní láti máa lo fítámì K1 ní ìwọ̀n ńlá lójoojúmọ́ fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹni tó bá dá a dúró torí pé ẹ̀jẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ti mu ọ̀rá láàárín oṣù tó kọjá bá ń rí ojú àpá dúdú lára láìjẹ́ pé ó ṣubú, tàbí tí eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kó lọ ṣe àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dì lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì sọ ohun tó mu fún wọn. Bí kò bá sọ ọ́, ó lè pẹ́ kí dókítà tó ro ti oògùn eku.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ ọ́n. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Òórùn kò lè mọ̀ ọ́n dájú, torí wọ́n máa ń fi lọ́fínńdà sí i, wọ́n sì máa ń fín kẹ́míkà kan náà sórí igbó gidi, tàbí kí wọ́n rẹ bébà lẹ́tà sínú rẹ̀ kí wọ́n lè gbé e wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n fi ń wá igbó kò ní í mú un, nítorí THC ni àyẹ̀wò yẹn ń wá, THC ò sì sí níbẹ̀. Ohun tó fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń mu ún nìyẹn, àwọn tí wọ́n ń yẹ ìtọ̀ wọn wò níbi iṣẹ́ tàbí tí wọ́n wà lábẹ́ ìṣọ́ ilé ẹjọ́. Ohun kan náà yìí ló máa ń ṣi dókítà lọ́nà: àyẹ̀wò sọ pé kò sí oògùn kankan, wọ́n á ní àrùn ọpọlọ ni. Nínú ọ̀rọ̀ Brúkílìnì, AMB-FUBINACA fúnra rẹ̀ ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò mọ́. Ara ti fọ́ ọ. Ohun tó kù lẹ́yìn fífọ́ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ rí nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ àwọn mẹ́jọ tí wọ́n yẹ̀ wò, lẹ́yìn tí wọ́n ti ní ọ̀rá lọ́wọ́ tí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ̀rọ irú ìyẹn kì í sí ní yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì.

Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ má ṣe dúró kó kọjá lọ bí ẹ ti máa ń dúró fún ẹni tí igbó gùn. Ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì bí ẹni náà kò bá dáhùn, bí gìrì bá mú un, bí àyà bá ń dùn ún, tàbí bí ara rẹ̀ bá gbóná gan-an. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ tó wà lókè tẹ̀ síwájú, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀ díẹ̀ kí èébì lè ṣàn jáde. Ẹ má ṣe fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu nígbà gìrì. Ẹ má fún un ní wàrà, epo, iyọ̀ tàbí ọtí. Gbogbo rẹ̀ ló lè wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí kò mọ ara rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Bí ó bá ń jà, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní dídojúbolẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń sáré tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ wá jókòó lé lẹ́yìn, lè má dìde mọ́. Ẹ dín ariwo kù, ẹ dín iná kù, kí ẹnì kan ṣoṣo máa bá a sọ̀rọ̀.

Nalokisóònù tí wọ́n ń fín símú kì í já agbára kẹ́míkà yìí, torí ti mọ́fíìnì àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló wà fún. Síbẹ̀, bí èémí bá ń falẹ̀, tí ojú dúdú ẹyinjú sì fún bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ fún un, nítorí wọ́n ti bá irú oògùn yẹn nínú àdàlù yìí rí, kò sì ní pa á lára bí kò bá sí níbẹ̀. Bí kò bá mí mọ́, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀, 100 sí 120 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, kó wọlé tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5, títí ọkọ̀ yóò fi dé. Nílé ìwòsàn, kò sí oògùn kan tó ń ti ilẹ̀kùn CB1 padà. Dayasipáàmù tàbí ìbátan rẹ̀ fún gìrì àti ìbínú, omi sínú iṣan, ìṣọ́ ọkàn àti kíndìnrín ni wọ́n fi ń gbà á là.

Ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ tún nílò ọ̀rọ̀ kan. Agbára rẹ̀ máa ń tètè lọ, àwọn kan sì máa ń mu ún padà ní gbogbo wákàtí, kódà wọ́n á jí lóru láti mu ún. Bí wọ́n bá dá a dúró lójijì, òógùn, èébì, àìsùn àti ọkàn tó ń sáré máa ń dé láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì le ju ti igbó lọ púpọ̀. Gìrì ti mú àwọn kan nínú ìdádúró yìí. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má dá a dúró lóun nìkan nínú yàrá.

Ẹ mú ọ̀rá náà dání lọ sí ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ohun tó kù nínú rẹ̀ àti ìdì tó kù nílẹ̀. Ẹ dì í sínú nǹkan mìíràn, ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ sì kọ aago tó mu ún sílẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ọlọ́pàá, kó kúkú gbé e fún ọ̀rẹ́ kan láti kó o wá. Ọ̀rá yẹn nìkan ló lè sọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀ yẹn, ó sì lè sọ fún dókítà ohun tí àwọn mìíràn tó rà á lọ́jọ́ kan náà ti mu.